Ìdèpọ̀ yẹ̀pẹ̀ pupa: ibi tí agbára sìmẹ́ǹtì mọ

Tí a bá po sìmẹ́ǹtì mọ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, tí a sì tẹ̀ ẹ́ kó lè gbé ilé tàbí ọkọ̀, àwọn kan ń pe iṣẹ́ náà ní “ìmúle ilẹ̀”. Àwọn mìíràn kàn kọ “sitabiláísésọ̀n”, wọ́n rò pé àmì ohùn tí wọ́n fi sí i ti sọ ọ́ di Yorùbá. Èmi ń pè é ní ìdèpọ̀, n kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ “le” yẹn ń ná àwọn èèyàn lówó. Ẹni tó bá gbà pé líle ni sìmẹ́ǹtì wá mú yẹ̀pẹ̀ le yóò máa da àpò lé àpò. Àwọn tó fẹ́ràn “ìmúle” ń jiyàn pé ó kúkú ń le lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n amọ̀ tí oòrùn sá gbẹ náà le; ẹ rọ omi sí i, kí ẹ wò ó. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni láti de hóró mọ́ hóró, kí omi má lè tú wọn. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ hóró kankan di òkúta.

Ibi tí ìdè yẹn ti ń kùnà ni inú amọ̀. Síbí epo pupa kan tó tó láti kan gbogbo hóró ẹ̀wà inú àwo, ẹ dà á sínú àwo láfún: ibi díẹ̀ ni yóò pọ́n, ìyókù á funfun báláú. Bí yẹ̀pẹ̀ bá ṣe kúnná tó ni ojú tí sìmẹ́ǹtì ní láti kàn ṣe ń pọ̀ tó.

Ká ní ẹnì kan ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìdí-Abà. Ó ti ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ó kan yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Nígbà tó gbẹ́ ẹ jìn, èyí tó ń bọ̀ wá kúnná, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kó kan àpótí igi tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ntímítà 60, tó fẹ̀ ní 4, tó sì jìn ní 4. Kó fi òróró pa inú rẹ̀, kó po yẹ̀pẹ̀ tó ti jọ̀ pẹ̀lú omi, kó kì í sínú rẹ̀ dáadáa, kó sá a sóòrùn fún ọjọ́ 3. Bó bá gbẹ, á sún kì. Kó tì í sí ìkángun kan, kó wọn àlàfo tó kù. Tí ti òkè tó ní òkúta wẹ́wẹ́ bá fi sẹ̀ntímítà kan sílẹ̀, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1 sí yẹ̀pẹ̀ 18 tó fún búlọ́ọ̀kù tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Tí ti ìsàlẹ̀ bá fi sẹ̀ntímítà mẹ́rin àti ààbọ̀ sílẹ̀, 1 sí 12 ni. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó páànù 2 tí àwọn lébírà ń gbé. Fún páànù yẹ̀pẹ̀ 72, àpò 2 ni ti òkè yóò gbà, àpò 3 ni ti ìsàlẹ̀. Tí àlàfo bá ju sẹ̀ntímítà 5 lọ, àpò kẹrin kọ́ ni oògùn rẹ̀. Yanrìn odò Ògùn ni kó lú u, kó dín amọ̀ inú rẹ̀ kù, kó sì tún un wọ̀n nínú àpótí.

Ní ti ojú ọ̀nà, àpọ̀jù sìmẹ́ǹtì a máa ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìtó lọ nígbà mìíràn. Ìpele abẹ́ ọ̀dà tó mu sìmẹ́ǹtì yó máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, á sì sán. Sísán yẹn á gun ọ̀dà wá sókè, ẹ ó rí i tó dábùú ọ̀nà níbí, tó tún dábùú ọ̀nà níwájú díẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé lọ rọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Wọn á wá ní sìmẹ́ǹtì ni kò tó!

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Láti ìgbà tí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì, rólà gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ láàárín wákàtí 2. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìdè tó ti ń mú ló ń já. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, bákan náà ni ti búlọ́ọ̀kù: ìbòji, ọ̀rá lórí rẹ̀, omi wíwọ́n.

Ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì dì, ẹ má kó o mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdè mú, kó ri búlọ́ọ̀kù ọlọ́jọ́ 7 sínú omi mọ́jú. Tí ìka bá lè ya igun rẹ̀ lówùúrọ̀, kó má fi mọ ilé.