Hóró fíìmù kọ́ ni iyanrìn inú gàrí

Ohun tó ń bí ni nínú ni bí wọ́n ṣe ń pe hóró fíìmù àti nọ́ìsì kámẹ́rà dígítà ní ohun kan náà. Nínú fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun bíi Kodak Tri-X 400, fàdákà wẹ́wẹ́ tó dúdú nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù ló ṣù pọ̀ tó di àwòrán. Hóró ni gàrí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kó o kúrò ti gbé oúnjẹ lọ. Nọ́ìsì ni iyanrìn inú gàrí. Ibi tó ṣókùnkùn ló ti ń hàn jù, ó tún máa ń gbé àmì pupa àti àwọ̀ ewé dání.

Ká mú fọ́tò òde alẹ́ kan ní Mọ́kọ́lá, tí wọ́n yà ní ISO 6400, tí wọ́n fẹ́ kó jọ Tri-X. Ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́. Ẹ yọ nọ́ìsì aláwọ̀ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú èyí tí kò láwọ̀, torí bí ẹ bá jọ̀ ọ́ jù, ojú ìyá ìyàwó á dán bíi ti ọmọlángidi. Ẹ wá sọ ọ́ di dúdú àti funfun, kí ẹ sì dín in kù sí ìwọ̀n tí wọn yóò fi wò ó. Hóró tí a bù sórí fọ́tò ńlá á pòórá nígbà tí a bá sọ ọ́ di kékeré.

Ibi tó dùn wà níbí. Nínú Photoshop, ẹ fi léyà tuntun lé e lórí, ẹ kun ún ní eérú 50%, ẹ sọ ọ́ di Overlay. Fọ́tò ò ní yí padà rárá. Ẹ wá lo Add Noise, Gaussian, Monochromatic, bíi 12%, kí ẹ sì fi Gaussian Blur 0.6 rọ̀ ọ́ kó lè ṣù bíi ti fàdákà. Overlay ò lè fọwọ́ kan dúdú kirikiri tàbí funfun báláú. Àárín méjèèjì ló ti lágbára jù. Nítorí náà, hóró á hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá ìyàwó, abẹ́ gèlè á dákẹ́, gílóòbù iná á mọ́. Bí fíìmù náà ṣe máa ń rí lójú nìyẹn, láìjẹ́ pé a fọwọ́ pín in. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an. Ẹ sún un mọ́ra dé 100%: bí abẹ́ gèlè bá ṣì ń ta wínníwínní bí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nọ́ìsì àkọ́kọ́ ni ẹ ò jọ̀ tó.

Ẹni tó sì fẹ́ kó jọ fọ́tò sítúdíò ìyá àgbà, kó má bu hóró púpọ̀. Ojú àwòrán onígun mẹ́rin lórí fíìmù 120 fẹ̀ tó mìlímítà 56, ti fíìmù 35mm ò ju 36 lọ. Wọn kì í fẹ̀ ẹ́ púpọ̀ kó tó di fọ́tò, hóró rẹ̀ kì í sábà hàn. Eruku, ìlà àti ìwé tó ti gbó ni ojú ń rí níbẹ̀.