Iyọ̀ Kò Ṣeé Fi Ṣíbí Ṣà Nínú Ọbẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ l'Ékòó. Àga kánsẹ́lọ̀ 376 ló wà nílẹ̀. APC kó 375, ẹyọ kan péré ló bọ́ sọ́wọ́ PDP. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè kọ́kọ́ pariwo màgòmágó, ẹjọ́ yẹn sì ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àmọ́ kódà níbi tí màgòmágó kankan ò bá sí, ètò wọ́ọ̀dù lè bí irú èsì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń ka ìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá ṣíwájú ló gba àga, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi ṣíwájú. Ìbò àwọn tó kù dòfo, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kó o pọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń rí ìbò 40 nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́ọ̀dù gbogbo, tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sì kó 60 tó kù, kò ní rí àga kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn wọ́ọ̀dù: wọ́n ní nígbà tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti ní ẹni tirẹ̀, kò sí ẹni tí wọn ò ṣojú fún. Irọ́ kọ́ o, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Ilẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ń ṣojú fún. Àwọn èèyàn tó bá kóra jọ sójú kan lórí ilẹ̀ yẹn nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ wo ìlú Mobíìlì ní ìpínlẹ̀ Alabámà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí ọkọ̀ ẹrú kó láti èbúté Wídà ní 1860 ti dá abúlé tiwọn sílẹ̀. Láti 1911 ni kọmíṣánnà mẹ́ta ti ń ṣàkóso ìlú náà, gbogbo ìlú ló sì ń dìbò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ará ìlú jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ẹyọ aláwọ̀ dúdú kan ò wọlé rí, torí pé ní àga kọ̀ọ̀kan, ìdá méjì tó kù ló ń borí. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1980, ilé ẹjọ́ ní kí àwọn tó pẹjọ́ fi hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ètò náà kalẹ̀ láti fi dá aláwọ̀ dúdú dúró. Nígbà tó di 1985, wọ́n ti pín ìlú náà sí wọ́ọ̀dù méje, aláwọ̀ dúdú mẹ́ta sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbò wọn ò pọ̀ sí i. Ilé wọn ló wà lójú kan, ìlà tí wọ́n fà sì bá ilé wọn mu.

Ṣùgbọ́n ta ló lè fa ìlà yí obìnrin ká? Ẹni tó bá fi ṣíbí bu ọbẹ̀ lè rí ẹran bù, ó lè rí pọ̀nmọ́, ó sì lè rí ẹja tí ò tíì fọ́. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá tí yóò fi bu iyọ̀ nìkan. Iyọ̀ wà nínú gbogbo ṣíbí, kò sì pọ̀ ju ohun tó kù lọ nínú ṣíbí kankan. Bí obìnrin ṣe rí nínú wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ibi yòówù kí wọ́n ti fa ìlà, wọ́n á jẹ́ bí ìdajì, torí náà ètò tó gba aláwọ̀ dúdú Mobíìlì là ò ní nǹkan kan tó lè fún wọn.

Ìṣòro tiwọn kì í sì í dúró de ọjọ́ ìbò. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ lè fà kalẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ìbéèrè tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì máa ń bi ara wọn ni pé, ‘Ta ló lówó, ta ló lérò lẹ́yìn?’ Àárín òru ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń parí, ní pálọ̀ ọkùnrin kan. Bí obìnrin tó ti lọ́kọ bá jáde ní ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n á ní, ‘Ìyá wa, ẹ kì í ṣe ọmọ ibí.’ Bó bá padà sí wọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ du tirẹ̀ nílé ọkọ. Ètò míì wà tí olùdìbò ti ń dìbò fún ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ á to orúkọ sórí ìwé, iye àga tí ìbò bá fún un ni wọ́n á fi mú èèyàn láti òkè ìwé náà wá. Ìwé tí ẹgbẹ́ ń to orúkọ mẹ́wàá sí bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń tò ó mọ̀ pé gbogbo ìlú ló máa rí i. Tó bá kọ orúkọ ọkùnrin mẹ́wàá sílẹ̀ tẹ̀ léra, ojú á tì í.

Orílẹ̀-èdè Sáúfù Áfíríkà pa méjèèjì pọ̀. Òfin wọn ti 1998 sọ pé nínú ìgbìmọ̀ ìlú tó ní wọ́ọ̀dù, nǹkan bí ìdajì àga á jẹ́ ti wọ́ọ̀dù, ìyókù á wá láti orí ìwé ẹgbẹ́. Olùdìbò ń gba ìwé ìbò kan fún wọ́ọ̀dù, òmíràn fún ẹgbẹ́. Ibi ìṣirò ni ọgbọ́n wà. Ká fi ìgbìmọ̀ tó ní àga 20 ṣe àpẹẹrẹ, wọ́ọ̀dù mẹ́wàá, ìwé ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n ro ìbò wọ́ọ̀dù àti ti ẹgbẹ́ pọ̀, ó jẹ́ 40,000. Wọ́n á pín in sí 20, wọ́n á fi ẹyọ kan lé e, ó di 2,001: iye ìbò tí àga kan ń ná ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ A ní 22,000, B ní 12,000, C ní 6,000. Iye yẹn wọ inú ti A nígbà mẹ́wàá, ti B nígbà márùn-ún, ti C nígbà méjì. Àga mẹ́ta ṣẹ́kù, wọ́n á sì fún àwọn tí èérún ìbò wọn pọ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á rí ọ̀kan gbà. Ó di 11, 6 àti 3.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá yọ àga wọ́ọ̀dù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbà kúrò nínú iye yẹn, ìyókù ni wọ́n á mú lórí ìwé. Ká ní A ti gba wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án, B gba ọ̀kan, C ò gba nǹkan kan. Orí ìwé, A á mú méjì péré, B á mú márùn-ún, C á mú mẹ́ta. Bó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù nìkan ni, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni A ì bá kó. Ní báyìí, mọ́kànlá ló ní nínú ogún, bí ìbò rẹ̀ ṣe tó gan-an. Èyí dára, kò sí àní-àní, àwọn tó fọ́n káàkiri náà á rí àga.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kàn ní kí ẹgbẹ́ gbìyànjú kí obìnrin tó ìdajì lórí ìwé, kí wọ́n sì to obìnrin àti ọkùnrin mọ́ra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò fi ìyà kankan tì í, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọ́ọ̀dù. Nínú ìbò 2016, obìnrin gba bíi 48 nínú ọgọ́rùn-ún àga orí ìwé, ṣùgbọ́n bíi 33 péré ni ti wọ́ọ̀dù. Ẹ wá padà sí ẹgbẹ́ A. Òun ló borí, torí náà wọ́ọ̀dù ni èyí tó pọ̀ jù nínú kánsẹ́lọ̀ rẹ̀ ti wá, ìyẹn ibi tí ọkùnrin pọ̀ sí. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ń borí ní wọ́ọ̀dù tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ń di òfìfo tó. Obìnrin tó wà ní ipò kẹta lórí ìwé náà á jókòó sílé, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jó ijó wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án.