Fínígà pẹ̀lú ọṣẹ abọ́: bí èérí ọṣẹ ṣe ń kúrò lára dígí àti kọ́tìnì ilé ìwẹ̀

Dígí ṣáwà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń mọ́ gaara. Tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́. Wọ́n á da omi gbígbóná sí i, kò ní lọ. Wọ́n á fi ọṣẹ ìwẹ̀ kan náà fọ̀ ọ́, ńṣe ni yóò tún nípọn sí i. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé ara ọṣẹ yẹn gan-an ni funfun náà ti wá.

Ọ̀rá tàbí epo ni wọ́n fi ń se ọṣẹ, pẹ̀lú eérú tàbí sódà. Ọṣẹ dúdú jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere: epo pupa tàbí àdí ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ omi eérú èèpo kòkó. Ohun tó wà nínú eérú náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rá lè yòrò nínú omi. Àmọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ bá ní kálísíọ̀mù nínú, kálísíọ̀mù á gba ipò ohun tó ti inú eérú wá. Ẹyọ kálísíọ̀mù kan á di hóró ọṣẹ méjì mú ṣinṣin, àwọn méjèèjì kò sì ní lè yòrò nínú omi mọ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọṣẹ mọ́, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ara lásán. Nǹkan tuntun ni, ó dà bí ìda, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ kàn. Èérí ọṣẹ ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Omi ló ń pinnu bí èérí yìí ṣe máa pọ̀ tó. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá máa ń kó kálísíọ̀mù, òun la ń pè ní omi líle. Ilẹ̀ òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi tó ń dé Lọ́ńdọ̀nù ti ń kọjá, ìdí nìyẹn tí kẹ́tù ibẹ̀ fi máa ń ní èépá funfun nínú. Ní Gilásígò, láti adágún Katirínì tó wà láàárín òkè ni omi ti ń wá láti ọdún 1859, omi náà rọ̀, ọṣẹ díẹ̀ á sì ti hó yẹ́ẹ́. Ẹni tó bá kó láti Gilásígò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè rò pé ọṣẹ òun ni wọ́n ti lú ní jìbìtì. Ní Nàìjíríà náà, kànga tó bá wà ní agbègbè òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, lè ṣe irú èyí, nígbà tí omi òjò kì í ṣe é rárá. Tí ẹnì kan bá fẹ́ mọ èyí tí òun ní, kó bu omi sí ìdajì ìgò, kó ha ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, kó sì gbọ̀n ọ́n. Omi rírọ̀ á hó kíákíá. Omi líle á ṣú, á máa ní nǹkan funfun wẹ́wẹ́ lójú, ìfófòó rẹ̀ kò sì ní pẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: nǹkan méjì ló so pọ̀ nínú èérí ọṣẹ, kálísíọ̀mù àti ọ̀rá, ohun tó ń ká ọ̀kan kì í ká èkejì. Ohun kíkan bíi fínígà máa ń gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀rá, á sì tú u sínú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó kù kì í yòrò nínú omi, ó ṣì wà lójú dígí níbẹ̀, ó ti di ọ̀rá lásán. Ẹni tó bá fi fínígà nìkan nù ún á rí i pé ó ń yọ̀, pé ó sì ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìnulẹ̀. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rá kúrò, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń rí ọ̀rá tí kálísíọ̀mù ṣì dì mú gbé. Tí àwọn méjèèjì bá wà níbẹ̀ pọ̀, fínígà á tú ìdè, ọṣẹ abọ́ á sì gbé ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ náà lọ. Ọṣẹ abọ́ ni kó jẹ́ o, kì í ṣe ọṣẹ ìwẹ̀. Fínígà máa ń ba ọṣẹ ìwẹ̀ jẹ́, á sọ ọ́ di ọ̀rá padà, ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ nu ọ̀rá á tún ti kún un.

Ká mú ilẹ̀kùn dígí kan nínú fúláàtì kan ní Pẹ́kámù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn ò fi ohunkóhun ṣe fún oṣù mẹ́fà. Ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ẹlẹ́yọ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Fínígà funfun tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ, tí wọ́n kọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí lára, ti tó. Wọ́n á bu ife kan, nǹkan bíi 250 mílílítà. Wọ́n á gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí wọ́n má gbé e kaná, nítorí òórùn rẹ̀ á ta wọ́n nímú. Wọ́n á wá da ọṣẹ abọ́ tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ife náà sí i, wọ́n á rọra yí i po kó má baà hó, wọ́n á sì dà á sínú ike ìfín. Ọṣẹ náà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń mú kí fínígà kí, kó lè lẹ̀ mọ́ dígí tó dúró gbọnrangandan dípò kó ṣàn lọ sílẹ̀.

Dígí gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó fín in, kí omi má baà dín agbára fínígà kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán, tí wọ́n á fi máa fín òmíràn sí i. Kò wúlò. Lórí ìṣirò, mílílítà mẹ́rin fínígà tó láti tú gíráàmù kan èérí ọṣẹ, ife kan sì ju ohun tó wà lára ilẹ̀kùn kan lọ fíìfíì. Fínígà kò kéré, àkókò ló kù. Èérí náà dà bí ìda, omi kì í wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ nìkan ni fínígà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni pé kó má gbẹ. Tí ilé ìwẹ̀ bá móoru, kí wọ́n lẹ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo oúnjẹ mọ́ ọn lójú. Tí àkókò bá pé, wọ́n á fi fóòmù rírọ̀ nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á fi omi púpọ̀ ṣàn án, wọ́n á sì nù ún gbẹ. Èérí oṣù mẹ́fà sábà máa ń fẹ́ ìgbà méjì. Tí ìka bá ṣì ń yọ̀ lójú dígí lẹ́yìn tó gbẹ, ọ̀rá ló kù, ọṣẹ abọ́ nìkan ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe fínígà.

Bekin sóódà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń da òun àti fínígà pọ̀, nítorí pé wọ́n ń hó bí ẹmu tuntun, híhó náà sì dà bí iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ni híhó yẹn. Bekin sóódà tó kún ṣíbí ọbẹ̀ kan ti tó láti pa agbára ife fínígà kan run, ohun tó kù kò ju omi oníyọ̀ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kó jẹ́ lẹ́yìn tí fínígà ti ṣe tirẹ̀ tí wọ́n sì ti ṣàn án kúrò: kí wọ́n pò ó bí ẹ̀kọ, kí wọ́n fi bọ́rọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fi í ha kọ̀rọ̀ àti ojú rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn.

Òfin kan náà ló de kọ́tìnì rọ́bà, ìyàtọ̀ ni pé ó ń ká jọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rin fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ni èérí ti ń nípọn jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti máa ń yọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni pupa yẹn, èérí ọṣẹ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Kí wọ́n tú kọ́tìnì sílẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí fínígà ife méjì wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kó wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta àti ọṣẹ ìfọṣọ, lórí 30 sẹ́ńtígíréédì. Àwọn táwẹ́ẹ̀lì náà ló ń bá a ha èérí. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ, fóòmù àti ọṣẹ ìfọṣọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú náà á ṣe é. Omi tó gbóná jù á jẹ́ kí rọ́bà náà hunjọ, tó bá sì tutù á gan. Kí wọ́n má gbé e sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ rárá. Ibi tí wọ́n ti tú u ni kí wọ́n gbé e kọ́ padà, kí wọ́n nà án kó lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kò gba eré: fínígà àti blíìṣì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jíìkì, kò gbọdọ̀ pàdé. Èéfín kilorínì ló ń jáde tí wọ́n bá pàdé, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Tí èbu dúdú bá wà lára kọ́tìnì tó fẹ́ blíìṣì, kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàn án dáadáa. Ilẹ̀ mábù náà kò fẹ́ fínígà, nítorí pé kálísíọ̀mù tí fínígà ń wá kiri nínú èérí ni wọ́n fi dá mábù. Á jẹ ẹ́, dídán rẹ̀ kò sì ní padà. Ní irú ilé ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọṣẹ abọ́ àti fóòmù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo funfun ló jẹ́ èérí ọṣẹ, èékánná ni yóò sọ. Èyí tó bá ká sábẹ́ èékánná bí ìda, èérí ọṣẹ ni. Èyí tó le gbagidi, tó rí gbàgaragbàgara bí iyọ̀ tó gan, èépá omi ni. Fínígà nìkan máa ń ká a, ó sì máa ń hó díẹ̀ bó ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni èyí tí èékánná kò rí mú rárá, tó máa ń pòórá tí dígí bá rin, tó sì máa ń padà tó bá gbẹ, tí fínígà kò sì yí i padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì. Dígí fúnra rẹ̀ ni omi ti jẹ níyẹn, kò sí ohun tó wà ní kíṣìnì tó lè tún un ṣe.

Kí funfun má baà tún dì, irinṣẹ́ onírọ́bà tí àwọn ọmọ ojú pópó fi ń nu dígí mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó dára jù. Kí ẹni tó wẹ̀ gbẹ̀yìn fà á láti òkè sísàlẹ̀ kó tó jáde: omi tí kò bá gbẹ sójú dígí kò rí ibi fi kálísíọ̀mù rẹ̀ sí.