Àwòrán Àgbélébùú Fischer: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá, àti Bí A Ṣe Ń Yí I Padà Láì Ṣi Ìtò

Ní ọdún 1874, onímọ̀ kẹ́místrì méjì, Jacobus van 't Hoff ní Utrecht àti Joseph Le Bel ní Paris, sọ ohun kan náà láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì. Wọ́n ní apá mẹ́rin tí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù fi ń di àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn mú kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, pé ńṣe ni wọ́n nà síta sí igun mẹ́rin ohun olójú mẹ́rin kan, tí kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ sì wà láàárín. Bí ohun mẹ́rin tó wà ní orí àwọn apá náà bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà tò wọ́n, ọ̀kan sì ni òjìji èkejì nínú dígí, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọ̀tún ti jẹ́ sí ọwọ́ òsì. Èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo ń pè ní ìtò.

Ìṣòro tó tẹ̀lé e ni pé ìwé tẹ́jú, kábọ́ọ̀nù kò sì tẹ́jú. Van 't Hoff fi àmì + àti − dúró fún ìtò kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí sì tó fún mólíkù tó ní ọ̀kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Emil Fischer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Würzburg nígbà náà, dojú kọ ṣúgà glúkóòsì, kábọ́ọ̀nù irú bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló tò tẹ̀léra nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ìtò mẹ́rìndínlógún ló ṣeé ṣe. Àmì kò fi ojú ẹni han ibi tí háídrójìn tàbí OH wà. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ fi ọkàn ṣírò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àṣìṣe sì rọrùn gan-an.

Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ kejì ní ọdún 1891, Fischer fi àwòrán rọ́pò àmì. Inú ásíìdì tátárííkì ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kábọ́ọ̀nù méjì péré ló ní ìtò níbẹ̀. Ó mú àwòṣe onírọ́bà tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Friedländer, ó sì tẹ́ ẹ sórí ìwé lọ́nà tí àwọn kábọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wà lórí ìlà gbọọrọ kan, tí gbogbo háídrójìn àti OH orí kábọ́ọ̀nù méjì àárín sì yọ sókè láti ojú ìwé wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò wọ́n. Ohun tó rí nígbà tó wo àwòṣe náà láti òkè ló yà sílẹ̀. Àwòrán ásíìdì tátárííkì tó wà nínú èso àjàrà nìyí:

```
       COOH
        |
   H ---+--- OH     C2
        |
  HO ---+--- H      C3
        |
       COOH
```

Kábọ́ọ̀nù kan wà níbi tí ìlà méjì ti gbé dábùú ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kọ lẹ́tà rẹ̀. Ìlà ìbú ń bọ̀ síwájú, sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó, ìlà òòró sì ń lọ sẹ́yìn. Gbogbo òfin ìlò àwòrán yìí ti inú gbólóhùn yẹn wá. Bí a bá yí ìwé náà débi tí orí rẹ̀ fi di ìsàlẹ̀, ìbú ṣì jẹ́ ìbú, òòró ṣì jẹ́ òòró, ìtò kò sì yí padà. Bí a bá yí i ní ìdajì ìyẹn péré, tí òòró wá di ìbú, a ti sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn wá wà níwájú, kábọ́ọ̀nù náà sì ti di òjìji rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ ṣí àwòrán náà bí ẹni ṣí ojú ìwé láti fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn.

Ẹwà àwòrán yìí ni pé ó rọrùn láti yà, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ sì wà. Ìlà tó ń bọ̀ àti ìlà tó ń lọ jọra lójú, ẹni tí a kò bá sọ òfin rẹ̀ fún kò lè mọ̀ ọ́n nípa wíwò lásán. Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì fi ìlà tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kún un. Ìlà afẹ̀, tó ṣóńṣó níbi kábọ́ọ̀nù olítò tó sì ń fẹ̀ bó ti ń jìnnà sí i, ni ti apá tó ń bọ̀ síwájú. Ìlà kélekèle, tí a gé wẹ́wẹ́, ni ti apá tó ń lọ sẹ́yìn. Ìlà lásán wà lójú ìwé gan-an. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù kì í dúró gbọọrọ mọ́ nínú irú àwòrán yìí, kọ́lọkọ̀lọ ló ń lọ, kábọ́ọ̀nù kan á yọ sókè, èyí tó tẹ̀lé e á rì sísàlẹ̀. Ní ọdún 2006, àjọ àgbáyé fún kẹ́místrì, IUPAC, tẹ ìlànà jáde lórí bó ṣe yẹ kí a ya wọ́n, ó sì fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnu ṣóńṣó ni kó wà níbi kábọ́ọ̀nù olítò.

Báwo wá ni a ṣe ń gbé ásíìdì tátárííkì yẹn láti inú àwòrán kan sí èkejì? Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé OH tó wà lọ́tùn-ún di ìlà afẹ̀, èyí tó wà lósì sì di ìlà kélekèle. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà la ń yà. Nínú àwòṣe tí Fischer tẹ́ sórí ìwé, ẹ̀wọ̀n náà ká bí ọrun, etí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn, àárín rẹ̀ ló sì yọ síwájú. Kí ẹ̀wọ̀n yẹn tó lè di kọ́lọkọ̀lọ, a gbọ́dọ̀ yí ìdajì rẹ̀ po lórí ìdè tó wà láàárín C2 àti C3, ìyípo náà sì ń gbé OH orí C3 kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ sí òdìkejì. Nítorí náà, OH méjì tí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kábọ́ọ̀nù méjì tó fara kanra nínú àgbélébùú máa ń bára wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú kọ́lọkọ̀lọ, àwọn tó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú àgbélébùú máa ń pínyà.

Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni kí a ṣe ohun tí Fischer ṣe, kí a wo kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láti ibi tí H àti OH rẹ̀ ti yọ sí wa. Ẹ ya ẹ̀wọ̀n náà ní kọ́lọkọ̀lọ láti òsì sí ọ̀tún, kí C1, ìyẹn kábọ́ọ̀nù inú COOH òkè, wà lápá òsì nísàlẹ̀, kí C2 yọ sókè, kí C3 rì, kí C4 sì yọ sókè. Ẹ wá fi ojú inú dúró lókè C2, kí ẹ máa wò ó nísàlẹ̀, kí C1 sì jẹ́ ìhà orí yín. Kábọ́ọ̀nù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń jìnnà sí yín bí apá òòró Fischer ṣe máa ń ṣe. Láti ibi tí ẹ dúró sí yìí, ẹ̀yìn ìwé bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín, iwájú rẹ̀ sì bọ́ sí òsì. OH orí C2 wà lọ́tùn-ún nínú àgbélébùú, nítorí náà ìlà kélekèle ló tọ́ sí i. Ní ti C3 tó rì, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa dúró, kí ẹ gbójú sókè wò ó, kí C1 ṣì jẹ́ ìhà orí. Ọ̀tún àti òsì ti pààrọ̀ báyìí, iwájú ìwé ló di ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló di òsì. OH orí C3 wà lósì, nítorí náà ìlà kélekèle ni tirẹ̀ náà. OH méjèèjì ń lọ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà lókè yẹn ti wí. Bí a bá ń padà bọ̀ láti kọ́lọkọ̀lọ sí àgbélébùú, ibì kan náà ni a máa dúró sí, a ó kàn kọ ohun tí a rí lọ́tùn-ún sí ọ̀tún, ti òsì sí òsì.

Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tí Cahn, Ingold àti Prelog gbé kalẹ̀ fún wa ní lẹ́tà R àti S: bí ohun tí ipò rẹ̀ kẹ́yìn bá wà lẹ́yìn, ìrìn láti àkọ́kọ́ dé ìkẹta tó bá bí ọwọ́ aago ṣe ń yí mu ni R, èyí tó lòdì sí i ni S, lẹ́tà náà kò sì bìkítà irú àwòrán tí a lò. Lórí C2, ipò àwọn ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra báyìí: OH ni àkọ́kọ́, COOH tẹ̀lé e, C3 tẹ̀lé ìyẹn, H ló kẹ́yìn. Nínú àgbélébùú, láti OH lọ́tùn-ún sí COOH lókè sí C3 nísàlẹ̀, ìrìn náà lòdì sí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Ṣùgbọ́n H wà lórí ìlà ìbú, iwájú wa ló wà, ó sì yẹ kó wà lẹ́yìn, nítorí náà a yí ìdáhùn padà, ó sì di R. C3 náà jẹ́ R. Nínú kọ́lọkọ̀lọ, OH C2 wà lórí ìlà kélekèle, H rẹ̀ ló wá síwájú. Láti OH lókè sí COOH ní ìsàlẹ̀ òsì sí C3 ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìrìn náà tún lòdì sí ọwọ́ aago, H tó wà níwájú sì tún yí i padà sí R. Wọ́n bára mu.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹni tó sọ ọ̀tún di afẹ̀, tó sì sọ òsì di kélekèle, ti ṣe. C2 rẹ̀ ti di S, C3 rẹ̀ ṣì jẹ́ R. Èyí kì í ṣe òjìji ásíìdì inú àjàrà. Ohun mìíràn pátápátá ni, ásíìdì tátárííkì tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òjìji ìdajì kejì. Ásíìdì inú àjàrà ń yí ìmọ́lẹ̀ tí a ti sẹ́ sí ojú kan ṣoṣo sí ọ̀tún, èyí kò yí i síbì kankan. Ẹni tó ṣe àṣìṣe náà lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n bó bá dá ohun tó yà padà sí àgbélébùú, nítorí pé OH méjèèjì máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, a ó sì lè fi dígí là á sí méjì láàárín C2 àti C3. Bí a bá yí àwòrán tòótọ́ po débi tí orí rẹ̀ fi di ìsàlẹ̀, àwòrán kan náà ni yóò tún jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí dígí lè là á sí méjì tó bára mu.

Ohun kan wà tí Fischer kò lè mọ̀ láyé rẹ̀. Àyẹ̀wò inú ilé iṣẹ́ lè sọ fún un bí ìtò kábọ́ọ̀nù kan ṣe rí sí ti èkejì, kò lè sọ èwo nínú òjìji méjèèjì ni tòótọ́. Ó gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ó fi OH kan sí ọ̀tún lórí glúkóòsì, gbogbo àwòrán tó kù sì tẹ̀lé ìyàn náà. Fischer kú ní ọdún 1919. Ní ọdún 1951, Johannes Bijvoet àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Utrecht fi ìtànṣán X wo iyọ̀ ásíìdì tátárííkì tí sódíọ̀mù àti rùbídíọ̀mù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé OH orí C2 wà lọ́tùn-ún lóòótọ́, níbi tí àwòrán Fischer ti fi í sí.