Bí igi ìdílé tí a fọwọ́ yà ṣe ń di àtòkọ láìsọ okùn kankan nù

Ẹni tó ya igi ìdílé sórí pépà ní ààyè tí àtòkọ kò ní. Ó lè fa ìlà sókè, sílẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ó lè mú ìlà méjì wọ inú orúkọ kan ṣoṣo, ojú á sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtòkọ tí a ń sún wọlé kò mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ: orúkọ tó wà nísàlẹ̀, tó sì sún wọlé díẹ̀, ti èyí tó wà lókè rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òbí méjì ló bí ọmọ. Bí a bá kọ ọmọ sábẹ́ bàbá, ìyá ti dàwátì; bí a bá kọ ọ́ sábẹ́ ìyá, bàbá ló sọnù.

Ọ̀pọ̀ àtòkọ tí a ń rí kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Wọ́n á kọ orúkọ ọkùnrin kan, wọ́n á to ìyàwó rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e, wọ́n á wá to ọmọ mẹ́ta sábẹ́ wọn. Ó mọ́ lójú, kò sì sí orúkọ tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè èwo nínú àwọn ọmọ náà ni iyèkan, èwo ni ọbàkan, kò ní rí ìdáhùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà lórí pépà. Orúkọ kọ́ ni igi ìdílé fi ń jẹ́ igi ìdílé. Ìlà ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àmọ́ ó gba kí a yí èrò padà: a kì í so ọmọ mọ́ ènìyàn, ìsopọ̀ ni a ń so ó mọ́. Ìsopọ̀ ni ibi tí ènìyàn méjì ti pàdé, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí pépà, ó sábà máa ń jẹ́ àmì = tàbí ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ láàárín orúkọ méjì. Nínú àtòkọ, a ó fún un ní ẹsẹ tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fún ènìyàn.

Ká mú pépà kan tí orúkọ 13 wà lórí rẹ̀. Lókè lápá òsì ni Délé wà. Àmì = kan so ó mọ́ Ṣadé, òmíràn so ó mọ́ Rẹ̀mí. Láti àárín Délé àti Ṣadé, ìlà kan sọ̀ kalẹ̀, ó sì pín sí méjì, ó kan Bọ́lá àti Kúnlé. Láti àárín Délé àti Rẹ̀mí, ìlà kan sọ̀ kalẹ̀ bá Ṣẹ́gun. Ìlà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Rẹ̀mí fúnra rẹ̀, ó lọ bá Tóyìn. Lókè lápá ọ̀tún, Jídé àti Àrìkẹ́ bí Wálé àti Yẹmí. Bọ́lá àti Wálé fẹ́ra, Kúnlé àti Yẹmí náà fẹ́ra. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì. Kúnlé àti Yẹmí bí Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ní ìparí, ìlà kan tí wọ́n fà ní gígé-gígé bẹ̀rẹ̀ láti àárín Bọ́lá àti Wálé, ó sì kan Fẹ́mi: àwọn ló gbà á tọ́.

Kí a tó kọ ohunkóhun, ìlà ni a ó kọ́kọ́ kà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè sì ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà púpọ̀ lè ti ọ̀dọ̀ òbí kan jáde, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń wọ orí ọmọ. Ẹni tó bá gbé ìka lé orí orúkọ ọmọ, tó sì ń bá ìlà náà gòkè, kò ní í ṣì í tó ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wo Ṣẹ́gun àti Tóyìn. Ìlà àwọn méjèèjì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bírò sì nípọn. Nínú fọ́tò wọ́n lè dà bí ìlà kan tó pín sí méjì. Bí a bá gòkè láti orí Ṣẹ́gun, a ó bá ara wa ní abẹ́ àmì =. Bí a bá gòkè láti orí Tóyìn, abẹ́ lẹ́tà orúkọ Rẹ̀mí ni a ó ti dúró, lápá ọ̀tún àmì náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ lè má ju ìbú ìka kékeré lọ, òun ló sì sọ pé Tóyìn kì í ṣe ọmọ Délé.

Ibi tí ìlà méjì ti gba orí ara wọn kọjá tún yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀kan ti wọ inú èkejì. Níbi tí wọ́n ti gba orí ara wọn kọjá, ìlà kọ̀ọ̀kan á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tààrà ní ìhà kejì. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ọ̀kan á parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn tó ń yà á máa ń fi ìlà fò bí afárá kékeré kí ó má baà kan èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó má ṣe kà á sí àṣìṣe ọwọ́.

Nígbà tí a bá ti mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá, pépà yẹn á di báyìí, tí S dúró fún ìsopọ̀:

```
1 Délé
  S1 = 2 Ṣadé
    3 Bọ́lá
      S2 = 4 Wálé (òbí: S6)
        7 Fẹ́mi, àgbàtọ́ → S3
    5 Kúnlé
      S3 = 6 Yẹmí (òbí: S6)
        7 Fẹ́mi (àgbàtọ́: S2)
        8 Ṣọlá
  S4 = 9 Rẹ̀mí
    10 Ṣẹ́gun
9 Rẹ̀mí → S4
  S5 = ?
    11 Tóyìn
12 Jídé
  S6 = 13 Àrìkẹ́
    4 Wálé → S2
    6 Yẹmí → S3
```

Ohun tó yẹ kí a wò dáadáa níbẹ̀ ni ọfà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ibì kan ṣoṣo ni a sì ti kọ ọ́ ní kíkún. Ibòmíràn tí orúkọ rẹ̀ bá tún ti yọ, ọfà ni a ó fi tọ́ka sí ìsopọ̀ tí a ti máa rí i. Bí a bá kọ Wálé lẹ́ẹ̀mejì láìsí ọfà àti nọ́ńbà, ẹni tó ń kà á á rò pé Wálé méjì ló wà. Bí a bá sì fi i sílẹ̀ lábẹ́ Jídé nítorí pé ó ti wà lábẹ́ Bọ́lá, Jídé á dà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ju Yẹmí lọ.

Kì í ṣe àṣejù ni ọfà yìí. Gbéra láti ọ̀dọ̀ Bọ́lá, gba ọ̀dọ̀ Wálé lọ bá Jídé, sọ̀ kalẹ̀ bá Yẹmí, bọ́ sọ́dọ̀ Kúnlé, gòkè lọ bá Délé, wàá tún padà dé ọ̀dọ̀ Bọ́lá. Òrùka ni, òrùka kò sì ṣeé sún wọlé. A gbọ́dọ̀ gé e níbì kan, kí a sì fi àmì sí ojú ibi tí a ti gé e, kí ẹlòmíràn lè tún un so. Ibi tí a gé e kò ṣe pàtàkì tó bí àmì náà.

Àmì ìbéèrè tó wà ní S5 náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Pépà kò sọ bàbá Tóyìn, ṣùgbọ́n ó sọ pé ìlà rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ Délé wá. Tí a bá tì í sábẹ́ S4 kí àtòkọ lè gún, a ti fún un ní bàbá tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Fẹ́mi ní tirẹ̀ ní ìlà méjì lórí, ìlà tí a fà tán àti èyí tí a gé, nítorí náà ó yọ lábẹ́ ìsopọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà “àgbàtọ́” ló sì fi ìyàtọ̀ sí i. Ìlà gígé-gígé lè ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn: àwọn kan ń fi í sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dá wọn lójú. Bí kò bá sí àlàyé lẹ́bàá pépà, “ìlà gígé-gígé” gan-an ni kí a kọ sílẹ̀, kí a má túmọ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti tò ó tán, kíkà ló kù, ó sì yẹ kí ó bára mu. Lórí pépà, orúkọ 13. Nínú àtòkọ, orúkọ 17, mẹ́rin nínú wọn ní ọfà: Fẹ́mi lábẹ́ S2, Rẹ̀mí ní òkè S5, Wálé àti Yẹmí lábẹ́ S6. Yọ mẹ́rin kúrò nínú 17, ó ku 13. Lẹ́yìn náà, ka ìlà tó ń wọ orí ọmọ lórí pépà: mẹ́sàn-án ni. Ka orúkọ tó wà lábẹ́ S kan tàbí òmíràn nínú àtòkọ, àti ọlọ́fà àti aláìlọ́fà: mẹ́sàn-án náà ni. Bí orúkọ bá pé ṣùgbọ́n ìlà kò pé, a ti so ẹnì kan sọ́dọ̀ òbí kan, a sì ti gbàgbé ìlà rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n kíkà kò lè mú àṣìṣe Tóyìn tí a kọ sábẹ́ S4, nítorí iye kò ní yí padà. Èyí ni a fi ń fún ẹni tí kò rí pépà rí ní àtòkọ náà, kí ó tún igi náà yà láti inú rẹ̀, kí a wá gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí ìlà rẹ̀ bá ti yà sí tòótọ́, ibẹ̀ ni àtòkọ ti pa irọ́.

Ewu kan ṣì wà tí kì í hàn lára ẹni tó kọ ọ́. Ààyè òfìfo ni sísún wọlé, bí a bá sì fi àtòkọ ránṣẹ́ tàbí tí a dà á sínú ojú-ìwé mìíràn, ààyè yẹn lè pòórá, kí gbogbo ẹsẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti etí kan. Nígbà náà, kí ló máa sọ fún òǹkàwé pé Kúnlé kì í ṣe ọmọ S2, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé abẹ́ Fẹ́mi ló bọ́ sí? Oògùn rẹ̀ ni láti kọ òbí sí ara gbogbo ẹni tó ní ìlà lórí, kì í ṣe Wálé àti Yẹmí nìkan:

```
5 Kúnlé (òbí: S1)
8 Ṣọlá (òbí: S3)
10 Ṣẹ́gun (òbí: S4)
11 Tóyìn (òbí: S5)
```

Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, tí S kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ẹni méjèèjì, bí `S1 = 1 Délé + 2 Ṣadé`, sísún wọlé á di ti ojú nìkan. A lè da àwọn ẹsẹ náà rú pátápátá, kí okùn kankan má sì já.