Mísàn-dẹmọ́ọ̀: bí a ṣe ń fèsì sí i

Iṣẹ́ mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni kí n máa bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí Ìyá Olómi sáré wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gèlè rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ já bọ́, mi ò tíì rí ìwé ọwọ́ rẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé mísàn-dẹmọ́ọ̀, ìwé ìkìlọ̀ ìjọba, ló gbà. Omi inú ọ̀rá ni obìnrin yìí ń ṣe. Ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ọ́ pé mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, kí wọ́n má ti ilé iṣẹ́ mi.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wa, ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú àlàyé. Bí àgbà bá bínú sí ọ, o ò ní í kọ́kọ́ máa rojọ́, wàá kúnlẹ̀ ná. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó máa ṣí lẹ́tà yẹn ní Kútọnu kò rí ìkúnlẹ̀ rẹ. Ohun tó rí ni pé wọ́n fẹ̀sùn mẹ́ta kàn ọ́, o sì tọrọ àforíjì lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yóò kọ ọ́ sínú fáìlì pé o jẹ́wọ́.

Kí ni mísàn-dẹmọ́ọ̀ gan-an? Ìwé tí àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ kan fi ń sọ fún ẹni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni. Wọ́n ń sọ pé: ó dà bíi pé o ti tẹ ìlànà ìwé àṣẹ rẹ lójú; tún un ṣe láàárín ọjọ́ báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a lè gba àṣẹ náà, a lè ti ilé iṣẹ́, a lè bu owó ìtanràn lé ọ. Ìwé mìíràn wà tó jọ ọ́, tó kàn ń béèrè pé kí o ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ kan náà ni ará ọjà ń pe méjèèjì, lẹ́tà kan sì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun, wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí o ṣe: ṣé “ṣàlàyé” ni wọ́n ní, àbí “ṣe àtúnṣe”? Ẹni tí wọ́n ní kó ṣe àtúnṣe, tó wá kọ ojú ewé mẹ́rin àlàyé láìtún nǹkan kan ṣe, kò tíì dáhùn.

Èwo nínú méjèèjì ni ì báà jẹ́, wọn ò tíì dájọ́. Ẹ̀sùn ni. Òfin ìjọba wa gbà pé kí wọ́n tó fìyà jẹ oníṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣe, kí wọ́n sì fún un láyè kó sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́tà èsì ni ẹnu tìrẹ nínú ẹjọ́ náà. Bí o kò bá kọ ọ́, fáìlì wọn nìkan ni wọn yóò fi ṣèdájọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi Ìyá Olómi ni ọjọ́ tó gbà á. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, ló tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fún un. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tó gbà á, ó di ọjọ́ 25. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì jókòó sí Kútọnu tó ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ó parí ní ọjọ́ 19. Èmi ò lè máa bá wọn jiyàn lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 19 ni mo mú. A dúpẹ́ pé nígbà tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹni tó gbé lẹ́tà wá, ó kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ kò bá ní í tó fún ọ láti kó ìwé jọ, kọ̀wé tọrọ àfikún ọjọ́ kí ọjọ́ tó pé, kí o sọ ìwé tí o ń dúró dè gan-an. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù.

Lẹ́yìn náà a tú lẹ́tà náà palẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: pé ó ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ, pé ó kó ilé iṣẹ́ kúrò níbi tí wọ́n fún un láṣẹ sí láìsọ fún wọn, àti pé wọ́n rí omi tí kò ní ọjọ́ lára ọ̀rá. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ lórí tábìlì, nítorí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba.

Ẹ̀sùn kìíní ló gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa. “Láìní ìwé àṣẹ” ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba àṣẹ rí, ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ti parí, àti ẹni tí àṣẹ rẹ̀ parí nígbà tí ìwé ìtúnṣe rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ìjọba, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìyá Olómi wà lára àwọn ẹ̀kẹta. Àṣẹ rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ó sọ pé òun ti béèrè òmíràn, mo ní kó fi hàn mí. Ó tú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó tú àpótí onígi tó wà nílé, ó sì gbé e dé: deṣáàjì, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pé àwọn gbà á ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì. Mo yí ìwé àṣẹ àtijọ́ síbi ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó wà níbẹ̀ pé kí oníṣẹ́ béèrè ìtúnṣe ó kéré tán ọjọ́ 30 kó tó parí. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọjọ́ 35 ni. Ó bá àkókò.

Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kọ ọ́ pé àṣẹ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin iṣẹ́ mìíràn sọ pé bí o bá béèrè lákòókò, ti àtijọ́ yóò máa gbé ọ títí wọ́n á fi dáhùn. Ti òmíràn kò sọ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà ohun tí a mọ̀ nìkan la kọ: ọjọ́ tó parí, ọjọ́ tó béèrè, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀, àti pé títí di òní kò rí èsì. A fi kún un pé òun ti pa ẹ̀rọ láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, láìjẹ́ pé òun gbà pé òun ṣẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ̀wé sí òun bóyá kí òun máa ṣe é lọ. Gbólóhùn “láìjẹ́ pé mo gbà pé mo ṣẹ̀” yẹn ṣe pàtàkì, àwọn agbẹjọ́rò kì í fi ṣeré. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ di ìjẹ́wọ́.

Ẹ̀sùn kejì, irọ́ ni, tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: wọ́n ṣì í mú. Àwọn olùyẹ̀wò rí àpò omi rẹ̀ nínú àgbàlá kan lápá Ìdénà, wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ibi ìkópamọ́ lásán ni. Kò sí kànga, kò sí ẹ̀rọ, iná mànàmáná pàápàá kò sí níbẹ̀. A dáhùn ní ìlà márùn-ún, a so ìwé owó iná ilé iṣẹ́ àti rìsíìtì ilé tó háyà mọ́ ọn, a sì ní kí wọ́n wá wò ó lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ìbínú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ó fẹ́ kí n kọ ọ́ pé ọ̀tá ló rán wọn. Mi ò kọ ọ́.

Ẹ̀sùn kẹta, òótọ́ ni. Ríbọ́nù ẹ̀rọ tó ń tẹ ọjọ́ sára ọ̀rá tán lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí o bá máa gba ẹ̀ṣẹ̀, gbà á bó ṣe tóbi mọ, kó má kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má sì tóbi jù ú lọ. Ìwé ìṣirò ojoojúmọ́ rẹ̀ sọ pé àpò 46 ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Ó ti rí 31 gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ti gba gbogbo 46 padà. Mo bi í pé 15 tó kù ńkọ́, ó ní wọ́n ti mu ún. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ ọ́: 46 la ṣe, 31 la gbà padà, 15 ti tà tán, ríbọ́nù tuntun rèé, rìsíìtì rẹ̀ rèé, láti ọjọ́ 28 ẹnì kan ń wo ọ̀rá àkọ́kọ́ láràárọ̀ kí ẹ̀rọ tó máa sáré. Olùyẹ̀wò kan ṣoṣo tó bá bá ọ̀rá kan pàdé lọ́jà tó mọ̀ pé 46 yẹn kò pé, kò ní í gba deṣáàjì oṣù Kejì gbọ́ mọ́.

Ìparí lẹ́tà ni ibi tí a ti ń béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣàlàyé títí, wọn ò ní í sọ ohun tí wọ́n fẹ́. A ní kí wọ́n pa ẹ̀sùn kejì rẹ́, kí wọ́n dáhùn ìwé ìtúnṣe, kí wọ́n sì ka ti ẹ̀kẹta sí ohun tí a ti tún ṣe. Èdè Faransé ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni èdè iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín, àmọ́ mo kà á fún un ní Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá padà gbé ìpinnu jáde tó fi ìyà jẹ ẹ́, ìwé mìíràn ni yóò kọ nígbà náà, èyí tí à ń pè ní rékúù, láàárín oṣù méjì tí ìpinnu náà bá dé ọwọ́ rẹ̀, kó tó lè dé iwájú adájọ́. A ò tíì débẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé lẹ́tà náà lọ sí Kútọnu ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19, ẹ̀dà méjì, ìwé méje tí a so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ibẹ̀ fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ kó sì máa lọ jẹun. Ọmọ náà dúró. Ó ní kó jọ̀ọ́ kọ “ìwé méje” sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ náà. Akọ̀wé wo ojú rẹ̀, ó poṣé, ó sì kọ ọ́.