Kò tíì rí nǹkan oṣù, ọmọ ṣì ń mu ọmú, oyún tún ti dúró: báwo ló ṣe jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 35. Ó ń mu ọmú látọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò sì tíì rí nǹkan oṣù mi rárá. Wọ́n ṣe sikáànù fún mi lánàá, wọ́n ní oyún ọ̀sẹ̀ 9 ló wà nínú mi. Báwo loyún ṣe máa wọlé nígbà tí nǹkan oṣù ò tíì dé?

Ìdáhùn: Ẹyin ló máa ń ṣáájú, nǹkan oṣù ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹyin á kọ́kọ́ jáde nínú ara obìnrin. Bí àtọ̀ ò bá bá a pàdé, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà kí ẹ̀jẹ̀ tó wá. Ẹni tó bá wá bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀ lásìkò tí ẹyin àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ jáde, ó lè lóyún kó tó rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Oyún yẹn náà ni kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń retí wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi lè lóyún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn láìrí nǹkan oṣù láàárín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Àwọn tó ń ṣe sikáànù kì í ka oyún látọjọ́ tó dúró. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú kí ẹyin tó jáde. Ẹni tí kò rí nǹkan oṣù bíi tiyín náà, ìwọ̀n ọmọ inú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, àmọ́ ìṣirò yẹn kan náà ni wọ́n ń lò. Oyún tí wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ 9 yìí, bí ọ̀sẹ̀ 7 ló ti dúró. Ẹ yọ 7 kúrò nínú 35, ó ku 28. Ìgbà tí ọmọ yín pé bí ọ̀sẹ̀ 28, tó ti lé díẹ̀ lóṣù 6, loyún yìí dúró. Báwo ló ṣe ń mu ọmú ní nǹkan bí oṣù kan sí ìgbà yẹn? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí.

Ìbéèrè: Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ 24, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láti aago 9 alẹ́ di aago 5 ìdájí. Inú mi dùn, èmi náà rí oorun sùn. Ìgbà tó wá pé oṣù 6, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọmú tó máa ń mu nígbà 10 tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí ìgbà 5. Ṣé ìyẹn ló fà á? Àbí irọ́ ni wọ́n ń pa pé ọmú ń dènà oyún?

Ìdáhùn: Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín.

Ohun tó ń jí ẹyin nínú ara obìnrin wá láti ọpọlọ. Ọpọlọ máa ń tú hómóònù kan jáde díẹ̀díẹ̀, á tú u, á dúró, á tún tú u. Bó ṣe ń ṣe é déédéé bẹ́ẹ̀ ni ẹyin fi ń gbó títí táá fi jáde. Bí ọmọ bá ń fa orí ọmú, àwọn iṣan ibẹ̀ á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì dẹwọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, ẹyin ò ní lè gbó. Àmọ́ ìránṣẹ́ yìí kì í pẹ́ nínú ara. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó tún fa ọmú, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ọmú tó bá pọ̀ ló ń dí oyún lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnu ọmọ lórí ọmú ló ń ṣe é, tọ̀sán-tòru. Abiyamọ tí omi ọmú rẹ̀ ń ṣàn bí odò lè lóyún bí ọmọ rẹ̀ bá ń fi wákàtí púpọ̀ sùn láì fa ọmú.

Lọ́dún 1988, àwọn onímọ̀ ìlera láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Bellagio lórílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí abiyamọ tó lè fọkàn tán ọmú. Nǹkan 3 ni, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ pé. Nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ tíì padà. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa mu ọmú nìkan tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmú nìkan. Ọmọ ò sì gbọdọ̀ tíì pé oṣù 6. Nínú 100 obìnrin tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé fún, àwọn tó lóyún láàárín oṣù 6 yẹn kò pé 2, ìyẹn sì dára tó ọ̀pọ̀ oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Ní ti iye ìgbà, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé kí ìsinmi láàárín ọmú kan sí èkejì má ju wákàtí 4 lọ lọ́sàn-án, kó má sì ju wákàtí 6 lọ lóru.

Ẹ wá wo tiyín. Láti aago 9 sí aago 5 jẹ́ wákàtí 8, ìyẹn ti kọjá wákàtí 6 òru. Ìyẹn ni ibi àkọ́kọ́ tí ààbò yẹn ti lanu, ọ̀sẹ̀ 4 sì ni kí oyún tó dúró. Lẹ́yìn náà ni oṣù 6 pé, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ gba ipò ọmú. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé alẹ́ báyìí ni ẹyin jí, ṣùgbọ́n nígbà tọ́mọ yín fi pé ọ̀sẹ̀ 28, nínú nǹkan 3 yẹn, ẹyọ kan ló kù: nǹkan oṣù tí kò tíì wá. Òun nìkan ò sì tó fi gbẹ́kẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè.

Ìdí kan tún wà tí wọ́n fi dúró lórí oṣù 6. Bí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ bá wá láàárín oṣù díẹ̀ sí ìgbà tí obìnrin bímọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò sí ẹyin kankan tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á wá dà bí ìkìlọ̀: ó dé ṣáájú ewu. Bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù ni ọ̀rọ̀ ń yí padà, ẹyin á máa ṣáájú ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹni tó bá wá ń dúró de ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6, ìkìlọ̀ tó ń retí lè má wá rárá.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ kan wá lára mi nígbà tọ́mọ pé ọ̀sẹ̀ 5. Ṣé ìyẹn kọ́ ni nǹkan oṣù?

Ìdáhùn: Rárá. Fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan, ẹ̀jẹ̀ tó bá wá kí ọjọ́ 56 tó pé, ti ìbímọ ni wọ́n ń kà á sí. Lẹ́yìn ọjọ́ 56, bí ẹ̀jẹ̀ bá wá fún ọjọ́ 2 léraléra, ẹ gbà pé nǹkan oṣù ti padà, kódà bí kò bá tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin bímọ ní oṣù 4 sẹ́yìn, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń fún omi ọmú sínú ìgò, ọmọ ò mu nǹkan mìíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní tirẹ̀ ò fọ́mọ lọ́mú rárá. Ìgbà wo ni kí wọ́n máa ṣọ́ra?

Ìdáhùn: Ní ti àbúrò yín, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dára, àmọ́ ààbò tiẹ̀ ti dín kù. Ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọmú kì í ránṣẹ́ sí ọpọlọ bí ẹnu ọmọ ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí lára àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níta tí wọ́n sì ń fún ọmú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 5 nínú 100 ló lóyún láàárín oṣù 6. Kó fi kọ́ńdọ̀mù tàbí ọ̀nà mìíràn kún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká sáré sí. Ẹni tí kò bá fọ́mọ lọ́mú, ẹyin rẹ̀ lè jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 25 lẹ́yìn ìbímọ. Àtọ̀ sì lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ 5. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé láti ọjọ́ 21 ló ti yẹ kó máa lo nǹkan. Ọ̀pọ̀ dókítà sì máa ń dá àyẹ̀wò lẹ́yìn ìbímọ sí ọ̀sẹ̀ 6. Fún irú obìnrin yìí, ọ̀sẹ̀ 6 ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí. Nínú oyún ló ti yẹ kí wọ́n bá a sọ ọ́.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ kí n ti ṣe, ní oṣù wo? Ṣé mo ṣì lè máa fọ́mọ lọ́mú pẹ̀lú oyún yìí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ì bá ti yan ọ̀nà kejì nígbà tọ́mọ pé oṣù 5, tàbí lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ sun òru mọ́jú, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Lúùpù, kọ́ńdọ̀mù, àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kì í pa ọmú lára. Oògùn oníhóró tó ní hómóònù kan ṣoṣo náà dára fún abiyamọ. Èyí tó ní hómóònù 2, tí ẹsitirójìn wà nínú rẹ̀, ni kì í ṣe ti abiyamọ tọ́mọ rẹ̀ ò tíì pé oṣù 6, torí ó lè dín omi ọmú kù, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fura pé oyún ti wà, kó má dúró de nǹkan oṣù. Àyẹ̀wò ìtọ̀ máa ń sọ òótọ́ bí ọ̀sẹ̀ 3 bá ti kọjá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà, fífún ọmọ lọ́mú kì í sì í da àyẹ̀wò yẹn rú.

Ẹ lè máa fún ọmọ yín lọ́mú. Kò sóhun tó sọ pé kẹ́ ẹ já a lẹ́nu ọmú lójijì bí oyún náà bá ń lọ dáadáa. Omi ọmú á máa dín kù bí oyún ṣe ń dàgbà, nítorí náà ẹ máa wọn ọmọ lórí ìwọ̀n lóṣooṣù, nítorí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ṣì ń kó ipa tó pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ń rù, kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ọjọ́ tẹ́ ẹ bímọ gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó dúró, tiyín ò sì ju oṣù 6 àti díẹ̀ lọ, wọ́n á fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó kéré. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ yìí, ẹ rí i pé ìyẹn lẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí inú bá ń run yín léraléra, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹ ti bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé rí, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá ọmú lọ.